Òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn kan, iye mẹ́ta: 50, 67 àbí 80?

Rẹ́sídẹ́ǹtì_Tánkẹ́

Sàláámù àlékùm, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìlọrin níbí ni mo ti ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ọkàn. Fíìmù áńjíògíráàmù ọkùnrin ẹni ọdún 58 kan dé ọ̀dọ̀ wa lórí díìsì láti ibi tí wọ́n ti ya á. Òpó iwájú ní apá òsì, èyí tí ojú ẹ̀rọ ń kọ ní LAD, há ní àárín rẹ̀, ní kété lẹ́yìn ẹ̀ka àkọ́kọ́. Mo fi sọ́fítíwìà wọ̀n ọ́n, mo rí 50%. Ẹlẹgbẹ́ mi fi sọ́fítíwìà kan náà wọn fíìmù kan náà, ó rí 67%. Ọ̀gá wa fi ojú wò ó ní ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń ka oókan sí ẹẹ́ta, wọ́n ní 80% ni. Èwo ni kí n kọ sínú ìwé, kí ló sì fà á tí ọ̀rọ̀ wa fi jìnnà síra tó báyìí?

Ọmọ_Ìṣirò

Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Èmi kì í ṣe oníṣègùn, ìmọ̀ físíìsì tó jẹ mọ́ ìṣègùn ni mo ń kọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò ta kókó lójú mi. Ìbú òpó ni sọ́fítíwìà ń wọ̀n, ó sì dá mi lójú pé àyè inú òpó ni ọ̀gá yín ń sọ. Ohun tó bá rí róbótó, bí ìbú rẹ̀ bá dín kù sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin àyè inú rẹ̀ ló kù, kì í ṣe ìdajì. Nítorí náà, 50% ní ti ìbú jẹ́ 75% ní ti àyè. Ẹ mú 60%, tó bọ́ sí àárín iye tiyín àti ti ẹlẹgbẹ́ yín, 84% ni ó jẹ́ ní ti àyè, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 80% tí ọ̀gá yín pè. Èdè méjì lẹ ń sọ, kò sí ìjà níbẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ mú ọ̀kan, ti ẹ̀rọ ni kí ẹ mú, torí ojú lè tan ni jẹ, ẹ̀rọ kì í tan ni.

Àgbà_Ọ̀fà

Ìṣirò Ọmọ_Ìṣirò pé, ibi tó gbé e lé ni kò gbà á. Nínú yàrá tí a ti ń ki kátẹ́tà bọ òpó ọkàn, ìbú ni gbogbo wa ń sọ nígbà tí a bá pe iye kan láti orí fíìmù. Àwọn tó ń ki ẹ̀rọ kékeré bọ inú òpó fúnra rẹ̀, tí wọ́n sì ń wo ògiri rẹ̀ yí ká, ni wọ́n lè sọ̀rọ̀ àyè. Fíìmù ẹ́sírè kò rí àyè, òjìji ló rí, òjìji kò sì ní ju ìbú kan lọ láti ẹ̀gbẹ́ kan. Pé 84 súnmọ́ 80, àkọsẹ̀bá ni.

Ohun tó ṣe ọ̀gá yín ń ṣe gbogbo wa. Ibi tó bá há gan-an, ojú èèyàn a máa fi kún un. Ẹ sì tún kíyè sí i pé kò sí ẹni tó ń fi ojú lásán pe 63 tàbí 78. Àádọ́ta, àádọ́rin, ọgọ́rin, àádọ́rùn-ún ni ẹnu wa mọ̀, bí ẹni ń nájà ní Ọjà Ọba tí kì í ka kọ́bọ̀ mọ́ owó.

Rẹ́sídẹ́ǹtì, àbúrò mi, kí n tó dá ọ lóhùn, sọ nǹkan mẹ́ta fún mi. Apá ibo nínú òpó náà lo fi ṣe ibi tó dára, tí o fi wé ibi tó há? Fíìmù wo ni ẹ wọ̀n, igun wo ni wọ́n sì kọ sí etí àwòrán náà? Ṣé wọ́n fún aláìsàn ní náítírógílísẹ́ríìnì, oògùn tó ń mú kí òpó dẹ̀, sínú òpó kí wọ́n tó ya á?

Rẹ́sídẹ́ǹtì_Tánkẹ́

Ẹ ṣé gan-an, ọ̀gá mi. Fíìmù kẹta ni àwa méjèèjì wọ̀n, RAO 30 CAU 20 ni wọ́n kọ sí i, ìyẹn ni pé kámẹ́rà yà sí ọ̀tún ní 30, ó sì wálẹ̀ sí ìhà ẹsẹ̀ ní 20. Ibi tó há jù jẹ́ mìlímítà 1.2 lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Èmi fi ìsàlẹ̀ ibi tó há ṣe ibi tó dára, mìlímítà 2.4 ni mo rí níbẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ mi lo apá òkè, ṣáájú ẹ̀ka, ó rí mìlímítà 3.6. Ní ti náítírógílísẹ́ríìnì, mo yẹ díìsì náà wò látòkè délẹ̀, n kò rí i kí wọ́n kọ ohunkóhun sí i.

Àgbà_Ọ̀fà

Ìdajì ìbéèrè rẹ ti dáhùn ara rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ohun tí sọ́fítíwìà ń ṣe kò kọjá èyí:

```
%DS = (1 - MLD/RVD) x 100
```

%DS ni ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí òpó fi há. MLD ni ìbú ibi tó há jù. RVD ni ìbú tí òpó náà ì bá ní níbẹ̀ ká ní kò há, ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú «ì bá ní» yẹn, nítorí kò sí ẹni tó rí i rí. A ń méfò rẹ̀ láti ara ibi tó wà nítòsí ni. Fi 1.2 wé 2.4, wàá rí 50%. Fi 1.2 kan náà wé 3.6, wàá rí 67%. Ẹ̀yin méjèèjì kò yàtọ̀ rárá lórí ibi tó ń ṣàìsàn, orí ibi tí ẹ pè ní alára líle ni ẹ ti yapa.

Kò sí èyí tó bọ́ sí i nínú méjèèjì. Òpó tó wà lókè oríta ń gbé ẹ̀jẹ̀ òpó méjì. Nígbà tó bá já ẹ̀ka kan sílẹ̀, ohun tó kù yóò tín-ín-rín bí ìṣẹ̀dá ṣe fẹ́, láìsí àìsàn kankan. Ẹni tó bá fi òkè oríta wé ìsàlẹ̀ oríta ti ka iṣẹ́ Ọlọ́run mọ́ àìsàn. Ní ìdàkejì ẹ̀wẹ̀, 2.4 tìrẹ lè jẹ́ òpó tí ọ̀rá ti lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀ lọ gbọọrọ, débi pé kò sí ibi tó dá há, kò sì sí ibi tó dára. Ó sì lè jẹ́ òpó tó dára, ṣùgbọ́n tó sún kì nígbà tí wọ́n ń ya á. Ìdí tí mo fi béèrè náítírógílísẹ́ríìnì nìyẹn.

Padà sí fíìmù náà. Láàárín oríta àti ibi tó há, wá ibi kékeré tí etí òpó méjèèjì ti lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí kò wú, tí kò sì rí gbágungbàgun. Ibẹ̀ ni kí o wọ̀n. Bí o bá sì ń lo sọ́fítíwìà tó ń fa ilà RVD fúnra rẹ̀, má bẹ̀rẹ̀ ilà rẹ láti òkè oríta, torí yóò gbé ìbú òkè wọ ìsàlẹ̀ láìsọ fún ọ.

Ọmọ_Ìṣirò

Mo gbà lórí ti àyè, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un: ẹ yẹ bí wọ́n ṣe fi kátẹ́tà ṣe òṣùwọ̀n wò. Kátẹ́tà nọ́ńbà 6 jẹ́ mìlímítà 2. Bí ẹni tó wọ̀n ọ́n bá tẹ nọ́ńbà 5 sínú ẹ̀rọ láìmọ̀, gbogbo iye ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò bàjẹ́.

Àgbà_Ọ̀fà

Rárá o. Ìwọ gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ rí èyí. Bí o bá tẹ 5 dípò 6, ohun gbogbo yóò kéré ní ìwọ̀n kan náà. Èyí tó jẹ́ 1.2 yóò di 1.0, èyí tó jẹ́ 3.0 yóò di 2.5. Pín wọn, 60% náà ni yóò jáde ní ìgbà méjèèjì. Mìlímítà ló máa bàjẹ́, ó sì ní ewu tirẹ̀, torí mìlímítà ni wọ́n fi ń yan sítẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń ṣí òpó. Àmọ́ àṣìṣe òṣùwọ̀n kò lè sọ 50 di 67.

Ọmọbìnrin_ÒmùÀrán

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo dá sí i, n kì í ṣe dókítà. Irú rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí bàbá mi. Ilé ìwòsàn kan fi ẹ̀rọ sítíì wo ọkàn wọn, wọ́n kọ ọ́ pé òpó kan há láàárín 50 sí 69%. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n ki kátẹ́tà bọ̀ ọ́ níbòmíràn, wọ́n ní 40% ni. Láàárín ìgbà yẹn, bàbá ń mu àgbo tí ẹ̀gbọ́n wọn gbé wá láti oko. Ṣé àgbo náà ló ṣí òpó yẹn? Wọ́n fẹ́ pa oògùn ilé ìwòsàn tì.

Oníẹ́sírè_Sángo

Àǹtí, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Kì í ṣe pé òpó náà ṣí. Ẹ̀rọ méjì ló wò ó, wọn kì í sì í rí bákan náà. Bí kálísíọ́mù bá ti gan mọ́ ògiri òpó, tí ọjọ́ sì ti lọ lórí ẹni, ó máa ń tàn kọjá ìwọ̀n ara rẹ̀ lójú sítíì, bí iná fìtílà tó tóbi ju òwú rẹ̀ lọ nínú òkùnkùn. Ìtànṣán yẹn ń jẹ nínú àyè tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, ibi tó há díẹ̀ a sì dà bí ibi tó há púpọ̀. Ohun tí wọ́n sábà máa ń bá pàdé ni pé kí iye ti sítíì ga ju ti kátẹ́tà lọ lára òpó tí kálísíọ́mù pọ̀ sí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá oògùn dúró kí ẹ tó gbé ìwé méjèèjì lọ bá dókítà tó ń tọ́jú wọn. Ẹ sì mẹ́nu ba àgbo náà fún un.

Rẹ́sídẹ́ǹtì, kí n tó lọ: kí ló dé tí ẹ fi yan fíìmù kẹta? CAU 20 ni ẹ kọ. Igun ìsàlẹ̀ dára fún òpó ńlá apá òsì àti fún èyí tó yí lọ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n àárín LAD máa ń kúrú níbẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ a sì máa gorí rẹ̀. Láti orí ni wọ́n ti ń wò ó, CRA. Nígbà tí mo ń ya fíìmù wọ̀nyí, ọ̀nà tí mo fi ń mọ òpó tó kúrú lójú àwòrán ni pé ó máa ń dúdú ju bó ṣe yẹ lọ níbi tó ti dojú kọ kámẹ́rà, torí kọ́ńtíráàsì, oògùn tí a ń fún sínú òpó kó lè hàn, ló tò léra wọn púpọ̀ níbẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá irú ibi dúdú bẹ́ẹ̀ wà lójú fíìmù yín.

Rẹ́sídẹ́ǹtì_Tánkẹ́

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo padà síbẹ̀ ní alẹ́ àná. Ní fíìmù kẹta, mo rí ibi gbọọrọ kékeré kan lẹ́yìn oríta bí ọ̀gá ṣe sọ, mìlímítà 3.0 ni. 1.2 sí 3.0 fún mi ní 60%. Lẹ́yìn náà, mo ṣí fíìmù kẹfà, RAO 5 CRA 38, èyí tí mo ti kọ́kọ́ fò torí àkókò rẹ̀ kúrú, ó sì dà bí ẹni pé ó ṣókùnkùn. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀ka tó gorí òpó ní fíìmù kẹta ti yà sọ́tọ̀, ibi tó há gùn tó mìlímítà 14, nígbà tó jẹ́ 7 péré ni mo rí tẹ́lẹ̀. Ibi tó há jù jẹ́ mìlímítà 0.9, ibi tó dára ṣì jẹ́ 3.0. 70% nìyẹn. Kí ló dé tí òpó kan náà fi fẹ̀ níhìn-ín, tó sì há lọ́hùn-ún?

Oníẹ́sírè_Sángo

Ẹ wo ọ̀já aṣọ òkè tí wọ́n ń hun ní Ìlọrin. Ẹ fi ojú rẹ̀ kọ ara yín, ó fẹ̀. Ẹ yí i, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dojú kọ yín, ó di okùn. Ọ̀rá kì í sábà lẹ̀ mọ́ òpó yí ká bákan náà. Ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń tì, ihò tó kù a sì pẹlẹbẹ. Ẹ̀gbẹ́ tó fẹ̀ lẹ rí ní fíìmù kẹta, ẹ̀gbẹ́ tó tín-ín-rín lẹ rí ní fíìmù kẹfà. Ìdí tí a fi ń ya á láti igun méjì tó yà síra gan-an nìyẹn. Ti gígùn tó di ìlọ́po méjì ní tirẹ̀, kíkúrú tí mo sọ ni.

Àgbà_Ọ̀fà

Ọ̀rọ̀ ọ̀já yẹn tẹ́ mi lọ́rùn, n ó máa fi kọ́ àwọn ọmọ wa. Àbúrò mi, ọ̀kan ṣì kù. Fíréèmù wo lo dá dúró? LAD yìí ni òpó tí ẹran ọkàn sábà máa ń gùn lé ní àárín. Nígbà tí ọkàn bá fún ara rẹ̀ pọ̀, òpó á há. Nígbà tó bá dẹ̀, á ṣí padà, kò sì sí ọ̀rá kankan níbẹ̀. Yan fíréèmù ìgbà tí ọkàn ti dẹ̀ tán, ní kété kó tó tún fún pọ̀, nígbà tí kọ́ńtíráàsì sì ti kún òpó dáadáa. Bí ó bá ṣì jẹ́ 0.9 níbẹ̀, ibi tó há gan-an ni.

Rẹ́sídẹ́ǹtì_Tánkẹ́

Mo ti fi ilà ẹlẹ́kítíríìkì ọkàn tó wà nísàlẹ̀ àwòrán yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀gá. Ó ṣì jẹ́ 0.9 nígbà tí ọkàn dẹ̀.

Dókítà_GRA

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àná. Rẹ́sídẹ́ǹtì, kọ 70%, kí ó tán. Fíìmù tó bá burú jù ló ń sọ òótọ́, nítorí kò sí igun tó lè mú ihò tó fẹ̀ dà bí èyí tó tín-ín-rín. Àwọn oníṣẹ́ abẹ tó máa ka ìwé rẹ ń fẹ́ iye kan. Bí o bá kọ «láàárín 60 sí 70», wọn á béèrè lọ́wọ́ rẹ bóyá o mọ ohun tí o rí.

Àgbà_Ọ̀fà

Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yín, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Igun lè mú ihò tó fẹ̀ dà bí èyí tó tín-ín-rín bí kọ́ńtíráàsì kò bá kún òpó, tí ẹ̀jẹ̀ tó ń wọlé sì fọ̀ ọ́ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọ náà sọ fúnra rẹ̀ pé àkókò fíìmù kẹfà kúrú. Èmi náà á fi èyí tó burú jù ṣáájú, ṣùgbọ́n n ó kọ fíìmù àti igun mọ́ ọn, kí ẹni tó bá kà á lè padà lọ wò ó.

Ohun tó tilẹ̀ ká mi lára jù ni ohun tí a fẹ́ fi iye náà ṣe. Nínú ìwádìí FAME tó jáde ní 2009, wọ́n fi wáyà wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní ìkọjá ibi tó há, wọ́n sì pín in pẹ̀lú ti ṣáájú rẹ̀, èyí tí à ń pè ní FFR. Nínú àwọn ibi tí ojú pè ní 50 sí 70%, bí 35 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni FFR wọn jẹ́ 0.80 tàbí kó dín, ìyẹn ni pé àwọn yẹn nìkan ló ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ní tòótọ́. Nínú àwọn tí ojú pè ní 71 sí 90%, bí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni, tó fi hàn pé ogún ṣì wà tí kò ní wàhálà. Ẹ wo ibi tí 70% ọmọ yìí bọ́ sí: àárín méjèèjì gan-an. Bí wọ́n bá kọ 80, aláìsàn náà á bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ń fi sítẹ́ǹtì sí. Bí wọ́n bá kọ 60, á bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ń fún ní oògùn kí wọ́n máa lọ sílé.

Dókítà_GRA

Wáyà dára níbi tó bá wà. Díìsì ló wà lọ́wọ́ rẹ́sídẹ́ǹtì, wáyà kò sí nínú díìsì. Ẹni tí àyà ń dùn nígbà tó bá ń gun òkè, tí àyẹ̀wò ìrìn orí ẹ̀rọ rẹ̀ sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, 70% ní LAD ti tó fún mi.

Àgbà_Ọ̀fà

Bí àyẹ̀wò ìrìn bá wà, n kò ní bá yín jiyàn. Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ pé ó wà. Àbúrò mi, ṣé wọ́n ṣe é fún un?

Rẹ́sídẹ́ǹtì_Tánkẹ́

Kò sí nínú fáìlì rẹ̀, ọ̀gá mi. Mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún un ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun tí mo kọ sínú ìwé fún ìsinsìnyí nìyí: «Àárín LAD, lẹ́yìn ẹ̀ka àkọ́kọ́: 70% ní fíìmù 6 (RAO 5 CRA 38, ọkàn dẹ̀), mìlímítà 0.9 sí 3.0, gígùn 14. 60% ní fíìmù 3, òpó kúrú níbẹ̀, ẹ̀ka sì gorí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ jẹ́ 2.4, bóyá ọ̀rá ni tàbí sísúnkì. A kò mọ̀ bóyá wọ́n lo náítírógílísẹ́ríìnì.» Ọ̀gá wa ka á, wọ́n ní kí n yọ gbólóhùn ìkẹyìn. N kò tíì yọ ọ́. Mo pe ibi tí wọ́n ti ya fíìmù náà, nọ́ọ̀sì tó gbé fóònù ní òun á wo ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní ọjọ́ Ajé.

Àgbà_Ọ̀fà

Má yọ ọ́. Bí ó bá pè ọ́ padà, béèrè bóyá ṣáájú fíìmù kẹta ni wọ́n fún un, tàbí láàárín kẹta àti kẹfà. Bí ó bá jẹ́ àárín, fíìmù méjèèjì kì í ṣe òpó kan náà mọ́, a ó sì tún un wọ̀n.